Ìpolongo Ti Parí, Ó Ku Àbọ̀

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti náwó sórí ìpolongo ọjà, tí rédíò ti dákẹ́, tí wọ́n sì ti ká àwọn àsíá kúrò lọ́jà, iṣẹ́ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ṣe. Ẹni tó darí ìpolongo náà gbọ́dọ̀ lọ síwájú àwọn ọ̀gá, kó jábọ̀ ohun tó ṣiṣẹ́, ohun tí kò ṣiṣẹ́, àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti wo àwòrán rẹpẹtẹ, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí ọ̀gá àgbà sì dìde láì mọ̀ bóyá kóun tún ná irú owó yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí kóun jáwọ́.

Ohun tó máa ń fà á ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ròyìn, wọn kì í ròyìn ohun tí iṣẹ́ náà mú wálé. Wọ́n á ka iye ìgbà tí ìpolówó jáde lórí afẹ́fẹ́, iye èèyàn tó wo fídíò, iye fìlà àti ẹ̀wù tí wọ́n pín. Bí wọ́n bá wá dé orí ọjà títà, wọ́n á fi oṣù ìpolongo wé oṣù tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n á ní ọjà gbéra sókè, ó tán. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n dáhùn kò sí níbẹ̀ rárá: ká ní a ò polówó, èló ni à bá tà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn èyí, kò tíì ní ohun tó fẹ́ bá àwọn ọ̀gá sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Èmi ni mo to iye inú rẹ̀ jọ kí ìṣirò lè rọrùn láti bá lọ, àmọ́ bí nǹkan ṣe máa ń rí nídìí òwò yìí ló rí. Ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, irú èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń so kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tà jù. Wọ́n ń tà ní Ìlọrin àti Àkúrẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbé ọjà dé Èkó. Lóṣooṣù, 10,000 páálí ló máa ń jáde láti ilé ìkẹ́rùsí wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà Ìbàdàn.

Wọ́n wá polongo ọjà náà ní Ìbàdàn nìkan fún oṣù méjì, Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá. Mílíọ̀nù 16 náírà ni wọ́n ná. Mílíọ̀nù 6 nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dínwó fún alágbàtà tó bá kó ọjà púpọ̀. Mílíọ̀nù 5 lọ sí rédíò. Mílíọ̀nù 3 ni wọ́n fi rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ọjà mẹ́rin, Bódìjà, Ọjà-Ọba, Òjé àti Mọ́níyà, pẹ̀lú bàsíà àti omi, tí wọ́n ń fi ọṣẹ náà fọ aṣọ tó dọ̀tí lójú àwọn oníbàárà. Mílíọ̀nù 2 tó kù lọ sọ́dọ̀ àwọn gbajúmọ̀ orí Instagram àti Facebook.

Ní Oṣù Kẹsàn-án, 14,000 páálí jáde. Ní Oṣù Kẹwàá, 15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29,000, nígbà tó jẹ́ pé 20,000 ni oṣù méjì máa ń gbà. Ìlé 9,000 rèé. Bí èrè orí páálí kan bá jẹ́ 3,000 náírà, mílíọ̀nù 27 ni wọ́n rí. Ẹ yọ mílíọ̀nù 16 tí wọ́n ná, ó ku mílíọ̀nù 11 tó jẹ́ èrè gbọnrangandan. Ẹni tó bá gbé èyí lọ síwájú àwọn ọ̀gá lọ́sẹ̀ kìíní Oṣù Kọkànlá, wọ́n á kí i kú iṣẹ́. Irú ìṣirò tó sì wà nínú ọ̀pọ̀ àbọ̀ tí mo ti rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìlọrin báyìí. Kò sí ìpolongo kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ọjà ọṣẹ náà fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i lóṣù méjì yẹn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ilé-ìwé wọlé, aṣọ ilé-ìwé pọ̀ láti fọ̀. Bí ilé-ìwé ṣe wọlé ní Ìlọrin náà ló ṣe wọlé ní Ìbàdàn. Nítorí náà, láìsí ìpolongo rárá, ó ṣeé ṣe kí Ìbàdàn gba 11,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 22,000. Ìlé tó kù kì í ṣe 9,000 mọ́, ó ti di 7,000.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Ní Oṣù Kọkànlá, 6,000 páálí péré ló jáde lọ sí Ìbàdàn, nígbà tí Ìlọrin padà sí iye tó máa ń tà tẹ́lẹ̀. 4,000 ti dín nínú ohun tó yẹ kí Ìbàdàn gbà. Ibo ni wọ́n lọ? Wọn ò lọ síbì kankan. Àwọn alágbàtà ti kó wọn pamọ́ láti Oṣù Kẹwàá nítorí ẹ̀dínwó, wọ́n sì ń tà wọ́n jẹ́jẹ́. Ọjà tó kúrò nílé ìkẹ́rùsí wa ọ̀tọ̀, ọjà tí ìyàwó ilé rà lọ fọṣọ ọ̀tọ̀. Ẹ̀dínwó kì í mú kí aṣọ ẹnikẹ́ni dọ̀tí sí i, ọjà oṣù tó ń bọ̀ ló kàn fà wá sí oṣù yìí.

Bí a bá wá pa oṣù mẹ́ta náà pọ̀, 35,000 páálí ló jáde. Láìsí ìpolongo, à bá retí 11,000 àti 11,000 àti 10,000, ìyẹn 32,000. Nígbà tí wọ́n ka ohun tó wà lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà ní ìparí Oṣù Kọkànlá, ó ti padà sí bó ṣe máa ń wà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọjà àkópamọ́ ti tán. Ìlé gidi jẹ́ 3,000 páálí. Èrè rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 9. Mílíọ̀nù 16 ni wọ́n ná. Ìpolongo tí wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún pé ó mú mílíọ̀nù 11 wá ti mú kí wọ́n pàdánù mílíọ̀nù 7.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìpàdé méjì ló yẹ kó wà. Kí ti àkọ́kọ́ wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ìpolongo parí, láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà nìkan, kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀: ọjọ́ tí ọkọ̀ kò tètè dé, ọjọ́ tí òjò lé wọn kúrò lọ́jà, ohun tí àwọn ìyálọ́jà sọ. Kò sí ẹni tó yẹ kó gbé ìṣirò owó síwájú ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Ìpàdé kejì, èyí tó jẹ́ ti àwọn ọ̀gá, kí ó dúró dìgbà tí oṣù tó tẹ̀ lé ìpolongo bá parí, tí a sì ti ka ọjà ọwọ́ àwọn alágbàtà. Bí àwọn ọ̀gá bá ń kánjú, kí a sọ fún wọn tààrà pé iye tó wà nílẹ̀ kò tíì jinná.

Bóyá ẹnìkan á rò pé ilé-iṣẹ́ kékeré nìkan ni irú àṣìṣe yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2012, eBay, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn èèyàn ti ń rajà tí wọ́n sì ń tajà lórí ayélujára, ń sanwó kí ìpolówó rẹ̀ lè máa jáde nígbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan lórí Google, Yahoo àti MSN. Àbọ̀ tí wọ́n máa ń rí gbà ni pé ẹni púpọ̀ tẹ ìpolówó náà, ó sì rajà. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Thomas Blake, Chris Nosko àti Steven Tadelis, béèrè ìbéèrè wa yìí: bí ìpolówó náà kò bá sí ńkọ́? Ní Oṣù Kẹta ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ owó dúró lórí Yahoo àti MSN fún ìpolówó tó ń jáde nígbà tí èèyàn bá kọ orúkọ eBay gan-an, wọ́n sì fi ti Google sílẹ̀ bó ṣe wà kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n á fi wé e. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó máa ń gba orí ìpolówó yẹn wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹyọ kan tó sọnù: 99.5 nínú wọn gba orí àbájáde ọ̀fẹ́ tó wà lábẹ́ ìpolówó náà wọlé. Ẹni tó ti kọ orúkọ eBay ti mọ ibi tó ń lọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tún pa àwọn ìpolówó yòókù lórí Google, àwọn tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú, ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn agbègbè ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún 60 ọjọ́. Ìyàtọ̀ tó bá ọjà títà kéré débi pé wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ju òfo lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àbọ̀ wọn, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ *Econometrica* ní 2015, ni pé wọn ò dúró sórí pé kò ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ẹni tó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, wọ́n sì rí i: àwọn oníbàárà tuntun àti àwọn tí kì í sábà rajà gbọ́ ìpolówó náà, wọ́n wá. Àmọ́ orí àwọn oníbàárà àtijọ́, tí wọn ì bá wá láìsí ìpolówó, ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ń lọ. Àbọ̀ tó ṣeé lò nìyẹn, nítorí ó sọ ibi tí owó yẹ kó kúrò àti ibi tó yẹ kó lọ.

Ohun kan náà ló yẹ kí ẹni tó ń jábọ̀ ọṣẹ ṣe. Pàdánù mílíọ̀nù 7 kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n náwó lé, wọn ò sì rí bákan náà. Báwo ni a ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ìwé kíkà ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ìtajà máa ń lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ka páálí àti ọ̀rá tó wà níbẹ̀. Ó béèrè èló ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù rà láti ìgbà tóun ti wá kẹ́yìn. Iye tó wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pa á pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n rà, ó yọ èyí tó kù, ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni iye tí aráàlú rà. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, bíró àti ìwé ni, síbẹ̀ kò sí ìròyìn ilé ìkẹ́rùsí tó lè sọ ohun tó ń sọ.

Wọ́n ka 30 ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà mẹ́rin tí wọ́n ti fọṣọ, wọ́n sì ka 30 mìíràn ní Dùgbẹ̀, Sáńgo àti Mọ́kọ́lá, níbi tí wọn ò ti fọṣọ. Kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀, páálí 12 ni ṣọ́ọ̀bù ìhà méjèèjì ń tà lóṣù ní ìdọ́gba. Níbi tí wọn ò ti fọṣọ, ó di 13 lóṣù méjèèjì ìpolongo, ó sì padà sí 12 ní Oṣù Kọkànlá. Níbi tí wọ́n ti fọṣọ, ó di 17 lóṣù méjèèjì, ó sì wà ní 16 lẹ́yìn tí àwọn oníbàsíà ti lọ ilé wọn. Páálí 4 ni ìyàtọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Ṣọ́ọ̀bù tó yí ọjà mẹ́rin náà ká, tó ń ta ọṣẹ yìí, jẹ́ nǹkan bíi 250. Ẹ fi 4 lọ́nà 250, kí ẹ tún fi lọ́nà oṣù mẹ́ta: 3,000 páálí. Iye yìí gan-an ni ìṣirò ilé ìkẹ́rùsí ti sọ fún wa látẹ̀yìn wá. Nígbà tí ìṣirò méjì tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá pàdé síbì kan, ọkàn ẹni tó ń jábọ̀ á balẹ̀. Bí wọn ò bá pàdé, kò gbọdọ̀ yan èyí tó wù ú, kó padà lọ wá ibi tí wọ́n ti yà. Níhìn-ín, ó hàn pé fífọṣọ lọ́jà ló kó gbogbo ìlé náà wá: mílíọ̀nù 3 ni wọ́n ná sí i, mílíọ̀nù 9 ni èrè rẹ̀. Àwọn tó rí ọṣẹ náà tó ń hó, tí àbàwọ́n sì ń ṣí, rà á, wọ́n sì tún padà wá rà á nígbà tí kò sí ẹni tó ń pè wọ́n.

Ti ìkànnì ayélujára ni kò gba àkókò rárá. Fídíò àwọn gbajúmọ̀ náà dé ojú ìwò 600,000, àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣí ìròyìn tí ìkànnì fúnra rẹ̀ máa ń fi ìlú àwọn tó wò ó hàn, ó lé ní ìdajì tó wà ní Èkó, níbi tí wọn ò ti lè rí ọṣẹ náà rà. Ká sọ bẹ́ẹ̀, ká kọjá.

Rédíò ló le. Gbogbo Ìbàdàn ló gbọ́ ọ, àwọn tó wà ní Bódìjà àti àwọn tó wà ní Dùgbẹ̀. Bí ti Dùgbẹ̀ ṣe gòkè kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti Ìlọrin lọ, níbi tí ìpolówó náà kò ti jáde. Ìyẹn ni pé a ò rí nǹkan kan tí a lè tọ́ka sí pé rédíò ló mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ́ sórí pé rédíò kò wúlò ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Les Binet àti Peter Field, tí wọ́n yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpolongo wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2013 pé ìpolówó tó ń gbin orúkọ ọjà sọ́kàn èèyàn kì í yára so bíi ti ẹ̀dínwó, pé ó máa ń tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí agbára rẹ̀ tó hàn. Oṣù mẹ́ta kò tó láti dájọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìlà mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú àbọ̀: ohun tó ṣiṣẹ́, ohun tí kò ṣiṣẹ́, àti ohun tí ọ̀nà tí a gbà ṣe é kò jẹ́ ká lè mọ̀. Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rù láti kọ níwájú àwọn ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí wọ́n gba ìlà méjì yòókù gbọ́.

Wàyí o, a ti ní ọ̀rọ̀. Báwo la ṣe máa gbé e kalẹ̀?

Ìpàdé náà kò bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìpàdé. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹni tó ń jábọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ètò ìnáwó, kí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò lórí 3,000 náírà tó jẹ́ èrè orí páálí kan. Bí ọ̀gá ìnáwó bá kọ iye yẹn níwájú gbogbo èèyàn, gbogbo ìṣirò tó tẹ̀ lé e ti wó. Kó sì lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka ìtajà, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àbá ẹ̀dínwó ti wá. Nínú ilé-iṣẹ́ wa níhìn-ín, tí ọ̀rọ̀ àgbà àti ipò ṣe pàtàkì, ẹni tí a bá dójú tì níwájú ọ̀gá àgbà kò ní í gbọ́ ìṣirò kankan mọ́, ààbò ara rẹ̀ ló máa wá. Bí ó bá ti gbọ́ ọ nínú yàrá tirẹ̀, tó rí ìwé Oṣù Kọkànlá fúnra rẹ̀, òun náà lè mú àtúnṣe wá.

Lẹ́yìn náà, kí ewé ìwé kan ṣoṣo lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé. Èyí ni ohun tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ: “Àfojúsùn tí a kọ ní Oṣù Kẹjọ ni láti ta 6,000 páálí lé e. 3,000 la rí. Mílíọ̀nù 16 la ná, mílíọ̀nù 9 ló padà wọlé. Fífọṣọ lọ́jà nìkan ló pa owó rẹ̀ dé. Ìpinnu mẹ́ta la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín lónìí.” Ó parí. Ẹ kíyè sí i pé àfojúsùn náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwà kan wà tí mi ò lè fara mọ́ láé: kí èèyàn rí i pé ọjà kò tó ohun tó ṣèlérí, kó wá sọ pé ìmọ̀ aráàlú nípa ọjà náà lòun ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní ìwé Oṣù Kẹjọ lọ́wọ́.

Nínú ìpàdé fúnra rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jábọ̀ má ju ìdámẹ́ta àkókò lọ. Ìbéèrè ni kó gba èyí tó kù. Bí mo bá ń ronú nípa ìpàdé ọṣẹ yìí, mo lè gbọ́ bí yóò ṣe lọ.

“Ṣé kí n gé rédíò kúrò pátápátá ni?” Ọ̀gá àgbà ló béèrè.

“Ẹ má tíì gé e, sà. Bí a ṣe lò ó kò jẹ́ ká lè mọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Àkúrẹ́ nìkan, ká fi Ìlọrin sílẹ̀ láìpolówó, ká wo ìyàtọ̀ tó máa wà láàárín ìlú méjèèjì.”

“Àwọn alágbàtà ńkọ́?” Ọ̀gá ìtajà dá sí i. “Bí a bá yọ ẹ̀dínwó kúrò, ọṣẹ ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé síwájú.”

“Òótọ́ lẹ sọ, sà. A ò ní yọ ọ́. Ọjà tí wọ́n bá tà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni ká máa sanwó lé lórí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó wọlé lọ́dọ̀ wa.”

Èsì bẹ́ẹ̀ ṣeé fún lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ọ̀gá ìtajà àti ẹni tó ń jábọ̀ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Apá tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ti àṣìṣe. Lọ́sẹ̀ kejì Oṣù Kẹwàá, ọ̀rá kékeré tán ní Bódìjà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn oníbàsíà ń fọṣọ, àwọn oníbàárà ń béèrè, ṣọ́ọ̀bù kò ní in. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà sọ èyí fún àwọn ọ̀gá. Èkíní ni pé “ilé ìṣelọ́pọ̀ já wa kulẹ̀.” Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ilé ìṣelọ́pọ̀ á dìde, ìpàdé á di ìjà. Èkejì ni kí a tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: ní Oṣù Kẹjọ, ìwé tí ẹ̀ka ìpolówó fi ránṣẹ́ sí ilé ìṣelọ́pọ̀ sọ iye páálí tí wọ́n ń retí, kò sọ èló nínú rẹ̀ ló máa jẹ́ ọ̀rá kékeré. Ilé ìṣelọ́pọ̀ ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń pín in. Àwọn tó rí fífọṣọ lọ́jà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò fẹ́ ra ńlá, kékeré ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Ìyẹn ló fi tán. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé ìwé náà gbọ́dọ̀ ní ìlà fún ìwọ̀n ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ilé ìṣelọ́pọ̀ sì fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́, ẹni tó sì gbọ́ ọ mọ ibi tí okùn ti já.

Ó tún yẹ kí ẹni tó ń jábọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ìṣirò rẹ̀ kò lágbára, kí ẹlòmíì tó sọ ọ́. Ìlọrin kì í ṣe Ìbàdàn, ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí a ò mọ̀. 60 ṣọ́ọ̀bù kò pọ̀. Ọjà mẹ́rin tí wọ́n ti fọṣọ, àwọn fúnra wọn ló yàn wọ́n, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tí èrò ti ń pọ̀ sí i tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yàn. Pé ìhà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti orí 12 dín iyèméjì yìí kù, kò pa á rẹ́.

Àbá ló kù. Àbá tó sọ pé “ká túbọ̀ tẹra mọ́ iṣẹ́ lọ́jà” kì í ṣe àbá, nítorí ọ̀gá àgbà kò lè fọwọ́ sí i. Èyí tó ṣeé fọwọ́ sí ní iye owó, ó ní ọjọ́, ó ní ẹni tí a máa bi, ó sì ní àmì tí a ó fi mọ̀ pé ó yẹ ká dúró. Nínú ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí, mílíọ̀nù 11 ni wọ́n bèèrè fún Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta dípò 16. Mílíọ̀nù 6 fún fífọṣọ ní ọjà mẹ́jọ, mẹ́rin àtijọ́ àti mẹ́rin tuntun, lọ́wọ́ ẹ̀ka ìpolówó. Mílíọ̀nù 3 fún ẹ̀dínwó tí a ń san lórí ọjà tí alágbàtà tà jáde, lọ́wọ́ ẹ̀ka ìtajà. Mílíọ̀nù 2 fún rédíò ní Àkúrẹ́, láti fi wádìí ohun tí a kò mọ̀. Ti àwọn gbajúmọ̀ orí ìkànnì dúró títí ọjà á fi dé Èkó.

Àmì ìdúró náà kò ṣòro láti ṣírò. Bí ọjà mẹ́rin bá gba mílíọ̀nù 3 fún oṣù méjì, tí ṣọ́ọ̀bù 250 sì wà níbẹ̀, páálí 2 lé lóṣù ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni ibi tí owó tó jáde àti èyí tó wọlé ti dọ́gba. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ìwé kíkà ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ọjà tuntun kò sì fi páálí 2 ju àwọn ibi tí a kò dé lọ, kí wọ́n káwọ́ bàsíà nílẹ̀ ní ọjà wọ̀nyẹn, kí owó tó kù padà sí àpò ilé-iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá máa ń yára fọwọ́ sí owó tí wọ́n ti mọ ibi tó máa dúró sí.

Ohun kan ló kù tó gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé ìpinnu ìpàdé náà pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ: ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka ṣọ́ọ̀bù ní ọjà mẹ́rin tuntun náà láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kìíní, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí bàsíà tó dé ibẹ̀. Láìsí iye tí wọ́n ń tà kí ìpolongo tó wọlé, kò ní sí 12 kankan tí a ó fi wé 17.